Bí a ṣe ń wá ọjà tó wọ ìwé lẹ́ẹ̀mejì nínú ìròyìn owó ìparí ọdún

Gbogbo ìgbà tí oṣù Kìn-ín-ní bá ti ń lọ sí ìparí ni àwọn tó ń kọ̀wé fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Tíráyà bálánsì wa bára mu délẹ̀, ṣùgbọ́n èrè tó gbé jáde kò jọ ohun tí ojú wa rí lọ́dún yìí. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò?" Kí ẹ tó máa tú gbogbo fàìlì sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọjà kan ṣoṣo ló wọ ìwé lẹ́ẹ̀mejì.

Irú àṣìṣe yẹn nìkan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níbí. Màá fi ìtàn akọ̀wé kékeré kan ní Òṣogbo tọ ọ̀nà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́ ni ẹgbẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́, agbègbè Òkè-Fìà ni ọ́fíìsì wọn wà. Ó tó bẹ́ẹ̀, n kò ní dárúkọ wọn.

## Ohun tí ẹ máa kó sórí tábìlì

- Lẹ́jà ọjà rírà fún odindi ọdún
- Àwọn fáúṣà tí akápò fi sanwó
- Àwọn ínfọ́ìsì àti wébìlì tí olùtajà fún yín
- Ìwé ìgbọjà, ìyẹn ìwé tí ẹ ń kọ ọjà sí lọ́jọ́ tó bá dé
- Ìwé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n wá gba ọjà wọn
- Àkáǹtì olùtajà kọ̀ọ̀kan nínú lẹ́jà gbèsè
- Sítétímẹ́ntì báńkì

Tí ẹgbẹ́ yín kò bá ní ìwé ìgbọjà, ẹ má jókòó ṣọ̀fọ̀. Ìwé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ sí ọjà tí kò gbà.

## Ibi tí akọ̀wé náà ti fura

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ọmọbìnrin yìí lọ́wọ́ kò ju pé kó tẹ ìròyìn ìparí ọdún sórí kọ̀ǹpútà, kó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Akọ̀wé àgbà ló ti ṣe ìṣirò sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà máa ń ra ìrẹsì, òróró àti ṣúgà lọ́pọ̀, wọ́n á fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láwìn, wọ́n á sì máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù. Nígbà tó dé ojú ewé ọjà, ohun tó bá níbẹ̀ nìyí:

- Ọjà tí a tà: ₦9,126,000
- Ọjà tí a rà: ₦9,740,000
- Àdánù: ₦614,000

Ọjà kankan kò ṣẹ́kù ní sítọ́ọ̀. Akọ̀wé àgbà ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀wọ́n gógó ọjà ló fa àdánù náà.

Ẹlòmíràn ì bá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló máa ń lẹ iye owó ọjà mọ́ ara ilẹ̀kùn ọ́fíìsì nígbà tí ọjà bá dé, ó sì mọ̀ pé kò sí èyí tí ẹgbẹ́ tà ní owó tó kéré sí iye tí wọ́n rà á. Kẹ́ẹ̀gì òróró, ₦46,000 ni wọ́n rà á, ₦49,000 ni wọ́n tà á. Àpò ìrẹsì, ₦78,000 ni wọ́n rà á, ₦82,000 ni wọ́n tà á. Tí ẹ bá lé owó lórí gbogbo ọjà, tí ọjà tán pátápátá, tí nǹkan kan kò bàjẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbé nǹkan lọ, níbo ni àdánù ti fẹ́ wá? Ọ̀wọ́n gógó lè mú kí àwọn èèyàn má rà púpọ̀, kí èrè sì kéré. Kò lè sọ èrè ₦3,000 orí kẹ́ẹ̀gì kan di àdánù.

## Ìdí tí tíráyà bálánsì kò fi lè sọ fún yín

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé yìí dáadáa, nítorí òun ni kì í yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Tíráyà bálánsì kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọjà dé tàbí kò dé. Ohun kan ṣoṣo tó ń wò ni bóyá dẹ́bíìtì àti kirẹ́díìtì dọ́gba. Tí ẹ bá kọ ọjà kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ sì kọ apá méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀tún àti òsì á jọ wú sókè ni, wọ́n á sì tún dọ́gba.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì yìí nìyí. Kẹ́ẹ̀gì òróró 25 ni wọ́n rà lọ́wọ́ Alhaja kan ní ọjà Ìgbọ̀nà, owó rẹ̀ jẹ́ ₦1,150,000. Alhaja ní kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó kí òun tó di ọjà sọ́kọ̀, nítorí náà akápò fi owó ránṣẹ́ láti báńkì lọ́jọ́ 9 oṣù Kejìlá, ó sì kọ fáúṣà. Ínfọ́ìsì kò tíì sí lọ́wọ́ nígbà yẹn. Akọ̀wé àgbà rí fáúṣà, ó kọ ọ́ báyìí:

- Dẹ́bíìtì: Ọjà rírà ₦1,150,000
- Kirẹ́díìtì: Báńkì ₦1,150,000

Ọjà dé lọ́jọ́ 11. Ọmọ Alhaja wá gbé ínfọ́ìsì wá lọ́jọ́ 17, wọ́n sì fi í sínú fàìlì àwọn ìwé tí a kò tíì kọ. Akọ̀wé àgbà mú un, ó rò pé ọjà tuntun ni, ó tún kọ ọ́:

- Dẹ́bíìtì: Ọjà rírà ₦1,150,000
- Kirẹ́díìtì: Alhaja (gbèsè) ₦1,150,000

Ẹ wò ó dáadáa. Báńkì bára mu, torí ẹ̀ẹ̀kan lowó jáde. Tíráyà bálánsì bára mu, torí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀tún àti òsì. Ibi méjì péré ni àṣìṣe yìí farahàn sí: ọjà rírà ti wú ju bó ṣe yẹ lọ, ìwé sì ń sọ pé ẹgbẹ́ jẹ Alhaja ní owó tí wọ́n ti san fún un.

Èyí kejì yẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù. Èrè tó kéré, wọ́n á kàn fajúro lórí rẹ̀ nípàdé. Ṣùgbọ́n gbèsè tí kò sí, tó jókòó sínú ìwé, ọjọ́ kan ni akápò tuntun máa dé, á rí i, á sì san án.

## Ìgbésẹ̀ láti wá a

1. Ẹ ṣírò èrè tó yẹ kí ẹ rí kí ẹ tó wo èyí tí ìwé gbé jáde.

Ẹ mú ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iye tí ẹ tà á, ẹ yọ iye tí ẹ rà á kúrò, ẹ fi iye ọjà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ má lo iye ọjà tó wà nínú lẹ́jà, torí lẹ́jà gan-an lẹ ń fura sí. Akọ̀wé wa lo ìwé ìfọwọ́sí, ó ro gbogbo èrè orí ìrẹsì, òróró àti ṣúgà pọ̀, ó sì rí ₦536,000.

Ìwé ń pariwo àdánù ₦614,000, ìṣirò tirẹ̀ ń sọ èrè ₦536,000. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ ₦1,150,000. Láti ibí yìí, kì í ṣe pé ó ń wá àṣìṣe káàkiri mọ́. Iye kan pàtó ló ń wá.

Tiyín lè má bọ́ sí ojú ẹ̀ báyìí. Owó ọkọ̀, àpò tó ya àti ẹ̀dínwó tí ẹnì kan gbà lè mú un yẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá èyí tó bá sún mọ́ àlàfo náà jù, ẹ sì rántí pé ó lè jẹ́ ọjà méjì tí a ròpọ̀.

2. Ẹ wá iye tó fara hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ọjà rírà.

Tí lẹ́jà yín bá wà lórí Excel, tí iye owó wà ní òpó D láti ìlà kejì, ẹ tẹ èyí sí E2, kí ẹ fà á wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀:

```
=COUNTIF($D$2:$D$400,D2)
```

Ìlà tó bá gbé 1 jáde, iye rẹ̀ dá wà. Èyí tó bá gbé 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kùn ún ní àwọ̀. Tí ìlà yín bá ju 400 lọ, ẹ yí 400 padà. Ẹ sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò tẹ "N" síwájú iye owó, torí lẹ́tà yẹn ń sọ iye di ọ̀rọ̀ lásán, kò sì ní bá ìkejì rẹ̀ mu.

Tó bá jẹ́ ìwé ni ẹ ń lò, ẹ mú bébà kan àti pẹ́ńsùlù, kí ẹ to àwọn iye náà láti orí èyí tó tóbi jù wálẹ̀. Àwọn tó bá jọra á kó ara wọn jọ. Kò gba àkókò tó bí ẹ ṣe rò, torí ọjà tí ẹgbẹ́ ń rà láàárín ọdún kì í pọ̀ púpọ̀.

Ẹ má fi orúkọ tàbí ọjọ́ wá a. Nínú lẹ́jà ẹgbẹ́ yìí, àkọsílẹ̀ ọjọ́ 9 kọ "owó òróró ọdún", ti ọjọ́ 17 sì kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù Alhaja. Ẹni tó bá ń ka àlàyé lásán kò lè mọ̀ láéláé pé nǹkan kan náà ni wọ́n.

3. Ẹ bi àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan léèrè pé, "Ọjà tìrẹ dà?"

Bí iye méjì ṣe jọra kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan jẹ́ àṣìṣe. Ní ọ́fíìsì yìí, méjì méjì ló bọ́ síta. Èkíní ni ₦390,000 ìrẹsì, tó fara hàn lẹ́ẹ̀mejì lóṣù Kọkànlá, ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín wọn. Èkejì ni ₦1,150,000 òróró.

Lójú, ìrẹsì ló jọ àṣìṣe jù: olùtajà kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà, àlàyé kan náà. Akọ̀wé náà ṣí ìwé ìgbọjà. Àpò márùn-ún dé lọ́jọ́ kan, àpò márùn-ún mìíràn dé lọ́jọ́ kejì sí i, wébìlì méjì tí nọ́ńbà wọn yàtọ̀. Ó wo ìwé ìfọwọ́sí: orúkọ mẹ́wàá, àpò kọ̀ọ̀kan. Àwọn márùn-ún kan ló pẹ́ kí wọ́n tó fi orúkọ sílẹ̀. Ojúlówó ọjà méjì ni.

Ó wá yí sí òróró. Kẹ́ẹ̀gì 25 péré ló wà nínú ìwé ìgbọjà oṣù Kejìlá, wébìlì kan ṣoṣo. Ìwé ìfọwọ́sí ní orúkọ 25. Tó bá jẹ́ lóòótọ́ ni ẹgbẹ́ ra òróró lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ẹ̀gì 50 ló yẹ kó dé, kí ló wá dé bá 25 tó kù? Àkọsílẹ̀ méjì ń jìjàdù ọjà kan.

4. Ẹ ṣí àkáǹtì olùtajà náà.

Níbí ni ẹ ti máa mọ irú ìlọ́po tó jẹ́. Tí ìwé bá sọ pé ẹ jẹ olùtajà ní iye yẹn gẹ́lẹ́, tí ẹ sì rí fáúṣà pé ẹ ti san án, ọ̀rọ̀ ti dájú: fáúṣà gba ọ̀nà tirẹ̀, ínfọ́ìsì gba ọ̀nà tirẹ̀, wọn kò pàdé.

Ẹ bẹ olùtajà kó fún yín ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ẹ má sọ fún un pé "ìwé wa ní a jẹ yín" kó tó fún yín lésì o. Ẹ kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ mọ ohun tó wà láàárín wa ní ìparí ọdún." Alhaja fi fọ́tò ojú ìwé rẹ̀ ránṣẹ́: ọjà kan, owó kan, gbèsè kò sí. Ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ yín ni olùtajà jẹ́, ohùn rẹ̀ sì máa ń wúwo níwájú ọ́dítọ̀.

5. Ẹ ka iye ìgbà tí owó jáde ní báńkì.

Ẹ lo sítétímẹ́ntì, ẹ má lo àlẹ́ẹ̀tì orí fóònù. Àlẹ́ẹ̀tì kan lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá ń ṣe ségesège. Tí ẹ bá rí owó náà lẹ́ẹ̀kan, àṣìṣe orí ìwé lásán ni. Tí ẹ bá rí i lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀ràn yín ti yàtọ̀, màá dé ibẹ̀ nísàlẹ̀.

6. Ẹ kọ ọ́ sójú ewé kan kí ẹ tó la ẹnu.

Ọjọ́, nọ́ńbà fáúṣà, nọ́ńbà ínfọ́ìsì, nọ́ńbà wébìlì, iye kẹ́ẹ̀gì tó dé, iye ọmọ ẹgbẹ́ tó fọwọ́ sí i, iye ìgbà tí báńkì san án. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé kọ̀ọ̀kan há a lẹ́yìn. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tó ṣe àṣìṣe sí i. Nọ́ńbà ìwé ti tó.

## Bí ẹ ṣe máa gbé e dé ọ̀dọ̀ àgbà

Ibi tó le jù fún akọ̀wé kékeré nìyí, ó le ju ìṣirò lọ. Akọ̀wé àgbà ló ṣe ìròyìn náà, ìgbìmọ̀ ti gbọ́ "àdánù" lẹ́nu rẹ̀, ọmọ tó dé lánàá wá fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni kì í dára: kí ó tún un ṣe níkọ̀kọ̀, tàbí kí ó jù ú sórí Wátsáàpù ẹgbẹ́. Tó bá tún un ṣe níkọ̀kọ̀, ìròyìn méjì tí iye wọn yàtọ̀ á wà nílẹ̀, òun gan-an ni wọ́n á sì kọ́kọ́ fura sí.

Ọ̀dọ̀ akọ̀wé àgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ náà ló sì kọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀gá náà ti rin ìrìn àjò lọ fún ọjọ́ méjì, ìròyìn sì gbọ́dọ̀ dé ibi ìtẹ̀wé lọ́la. Ó bá lọ bá akápò, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ni kò yé mi."

"Kí ló dé? Ṣé ẹ ò tíì parí ìròyìn ọ̀hún ni?"

"Ó ti kù díẹ̀ sà. Owó òróró oṣù Kejìlá ni. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan la san owó Alhaja ni, àbí ẹ̀ẹ̀mejì?"

"Ẹ̀ẹ̀kan kẹ̀! Èmi tí mo fọwọ́ sí i. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra kó tó rí owó."

"Ẹ ṣé sà. Ìwé wa ṣì ń sọ pé a jẹ wọ́n ní owó yẹn."

Bàbá gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Ó fi ìka tẹ ₦1,150,000 ti òkè, ó tẹ ti ìsàlẹ̀.

"Kẹ́ẹ̀gì mélòó ló dé?"

"Márùndínlọ́gbọ̀n sà. Ìwé ìfọwọ́sí wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Má tíì gbé nǹkan kan lọ síbi ìtẹ̀wé o. Bá mi pe ọ̀gá rẹ lórí fóònù, èmi ni màá bá a sọ̀rọ̀."

Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè ló fi wọlé, ìbéèrè tí ẹni tó ń bi lè dáhùn láìdààmú. Kò sọ pé ẹnì kan ṣe àṣìṣe. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fojú ara rẹ̀ rí i. Ó sì tún fi ipò ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀: akápò ló bá a sọ ọ́, kì í ṣe òun.

Tí àgbà bá kọ̀ láti wò ó ńkọ́? Ẹ kọ lẹ́tà ṣókí sí ìgbìmọ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i pé wọ́n gbà á. Ọ́dítọ̀ máa dé lọ́jọ́ kan.

## Bí a ṣe ń tún un ṣe

Ẹ má fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́, ẹ má ya ojú ewé, ẹ má sì pa ìlà rẹ́ lórí Excel. Àṣìṣe náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí àtúnṣe rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Akọ̀wé àgbà tí ọ̀rọ̀ kàn ni kó kọ ọ́ sínú jọ́nà, kí akápò fọwọ́ sí i:

- Ọjọ́: 31 oṣù Kejìlá
- Dẹ́bíìtì: Alhaja (gbèsè) ₦1,150,000
- Kirẹ́díìtì: Ọjà rírà ₦1,150,000
- Àlàyé: àtúnṣe kẹ́ẹ̀gì òróró 25 tí a kọ lẹ́ẹ̀mejì, láti inú fáúṣà àti láti inú ínfọ́ìsì. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì sí i.

Àwọn kan á fẹ́ fi báńkì ṣe àtúnṣe náà, wọ́n á dẹ́bíìtì báńkì. Rárá. Kò sí ohun tó ṣe báńkì. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ìwé yín kò ní bá sítétímẹ́ntì mu mọ́, ẹ ó sì ti fi àṣìṣe méjì rọ́pò ọ̀kan.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ojú ewé ọjà wá rí báyìí:

- Ọjà tí a tà: ₦9,126,000
- Ọjà tí a rà: ₦8,590,000
- Èrè: ₦536,000

Iye tí akọ̀wé náà ti ṣírò ní ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní gẹ́lẹ́ nìyẹn. Gbèsè Alhaja di òfo.

Ẹ má dúró síbẹ̀ o. Ohun tó kù ló máa ń sá mọ́ni lójú. Èrè gbogbo ẹgbẹ́, pẹ̀lú èlé orí ẹ̀yáwó, jẹ́ ₦1,046,000 nínú ìròyìn àkọ́kọ́. Ó ti di ₦2,196,000. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Nàìjíríà ní kí ìdámẹ́rin èrè lọ sí owó ìpamọ́. Ìyẹn ti kúrò ní ₦261,500, ó di ₦549,000. Ìpín tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbà náà yí padà. Tí ẹ bá tún ojú ewé ọjà ṣe, tí ẹ gbàgbé ojú ewé pípín èrè, ẹnì kan á dìde nípàdé gbogboogbò, á ní iye tó wà lójú ewé kẹta kò bá ti ìkarùn-ún mu.

Ẹ wo àwọn ibi wọ̀nyí kí ìròyìn tó padà sí ibi ìtẹ̀wé:

- Ojú ewé ọjà
- Èrè gbogbo ẹgbẹ́
- Gbèsè tí ẹgbẹ́ jẹ, nínú bálánsì ṣíìtì
- Owó ìpamọ́ àti pípín èrè
- Ọ̀rọ̀ alága, tó bá ti mẹ́nu kan àdánù (ní ẹgbẹ́ yìí, ó ti bẹ̀bẹ̀ fún sùúrù nínú ìpínrọ̀ kejì)

## Àwọn ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà

Èyí tí mo rí jù ni kí wọ́n rí iye méjì tó jọra, kí wọ́n pa ọ̀kan rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tí akọ̀wé wa bá ti pa ₦390,000 ìrẹsì yẹn rẹ́, èrè irọ́ ni ìbá gbé síwájú ìgbìmọ̀, àpò márùn-ún tí àwọn èèyàn jẹ kò sì ní ní owó nínú ìwé.

Òmíràn ni ìlọ́po tí iye rẹ̀ kò jọra. Ká ní owó ọkọ̀ ₦15,000 wà lórí ínfọ́ìsì, fáúṣà á jẹ́ ₦1,150,000, ínfọ́ìsì á jẹ́ ₦1,165,000, COUNTIF kò sì ní rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò èrè tó yẹ. Tí àlàfo bá wà ṣùgbọ́n tí iye kankan kò jọra, ẹ fi ọjà tó dé lọ́kọ̀ọ̀kan sàmì sí lẹ́jà. Àkọsílẹ̀ tí kò bá rí ọjà tirẹ̀ nígbẹ̀yìn lẹ ń wá.

Àwọn kan sì máa ń fi owó tó ṣẹ́kù ní báńkì wé èrè, wọ́n á ní èrè kò lè kéré báyìí nígbà tí owó wà. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

## Tí ọ̀ràn tiyín bá yàtọ̀ sí èyí

Tíráyà bálánsì kò bára mu. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ apá kan ṣoṣo ni wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn rọrùn: iye tí ọ̀tún fi ju òsì lọ ni kí ẹ wá nínú lẹ́jà. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ pín in sí méjì kí ẹ wá ìdajì rẹ̀, torí ọjà tó bọ́ sí apá òdì máa ń sọ ìyàtọ̀ di ìlọ́po méjì. Tí ìyàtọ̀ náà bá sì ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan yí nọ́ńbà sódì, bíi 54 tó di 45.

Báńkì san án lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́. Ẹ má lo jọ́nà tí mo kọ sókè yìí lásán, torí owó gidi ló wà níta. Olùtajà jẹ yín ni. Ọjà rírà á padà sí iye tó yẹ, àkáǹtì olùtajà á sì fi hàn pé ó di owó yín mú títí yóò fi dá a padà tàbí kó fi ọjà dípò. Ẹ gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíkọ.

Ìpàdé gbogboogbò ti fọwọ́ sí ìròyìn, wọ́n sì ti pín èrè. Ẹ kò lè padà lọ ṣí ìwé ọdún yẹn fúnra yín. Ẹ pe ọ́dítọ̀. Tí owó náà bá kéré, wọ́n lè tún un ṣe nínú ìwé ọdún tuntun. Tó bá tóbi tó èyí tó yí èrè padà sí ìlọ́po méjì bíi ti ẹgbẹ́ yìí, iye ọdún tó kọjá gan-an ni wọ́n máa tún kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tuntun, pẹ̀lú àlàyé tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè kà.

## Kí ó má bàa tún ṣẹlẹ̀

Ohun tí ẹgbẹ́ yìí yí padà kò ju ẹyọ kan lọ. Fáúṣà owó ọjà kì í lọ sí ọjà rírà mọ́ láéláé, kódà tí wọ́n bá sanwó kí ọjà tó dé. Àkáǹtì olùtajà ló ń lọ, yóò sì dúró síbẹ̀ bí owó tí olùtajà dì mú fún wọn. Ínfọ́ìsì nìkan ló láṣẹ láti wọ ọjà rírà. Tí ínfọ́ìsì bá dé, àwọn méjèèjì á pàdé nínú àkáǹtì olùtajà, wọ́n á sì pa ara wọn rẹ́. Èyí tí kò bá rí ìkejì rẹ̀ ní ìparí oṣù, akọ̀wé kékeré ló ń kọ ọ́ sí bébà kan fún akápò, kí wọ́n lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ olùtajà kí oṣù tuntun tó wọlé. Wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà fáúṣà sójú ínfọ́ìsì pẹ̀lú bírò pupa lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹni tó bá tún mú un láti inú fàìlì lè rí i pé wọ́n ti kọ ọ́.